Gáùn mídì àdìrẹ aláró: ẹ bá mi tún àkọsílẹ̀ ọjà yìí ṣe kí n tó gbé e síta

Abẹ̀ní_Aṣọ
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fẹ́ gbé gáùn mídì kan sí ṣọ́ọ̀bù mi lórí ayélujára lọ́sẹ̀ yìí. Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni mo ti ra aṣọ rẹ̀. Àwọn oníbàárà mi kan wà nílé, àwọn kan sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà. Ohun tí mo kọ nìyí:

"Ojúlówó gáùn àdìrẹ ẹlẹ́kọ, aró àti funfun. Òwú gidi. Ó gùn kọjá orókùn. Sáìsì 8 sí 18 wà. Àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣí láéláé. Ẹ fọ̀ ọ́ bí ẹ ṣe ń fọ aṣọ yòókù."

Kí ni mo gbàgbé?

Ọmọ_Aláró
Ẹ kú ọjà, Abẹ̀ní. Ẹ yí aṣọ náà padà ná, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí lẹ́yìn rẹ̀ fún wa. Ṣé bátànì iwájú yọ sẹ́yìn? Ṣé ẹ̀yìn ló dúdú jù ni àbí iwájú? Àwọn ibi tó mọ́lẹ̀ lójú rẹ̀ ńkọ́, ṣé funfun báláú ni lóòótọ́?

Abẹ̀ní_Aṣọ
Ẹ ṣé gan-an sà. Ẹ̀yìn ló dúdú jù. Bátànì náà kò fi bẹ́ẹ̀ hàn níbẹ̀, àfi tí mo bá gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ibi tó mọ́lẹ̀ kì í ṣe funfun tí mo bá wò ó dáadáa, aró fẹ́ẹ́rẹ́ ni. Onígun mẹ́rin-mẹ́rin ni bátànì náà, Ìbàdàn dùn ni ẹni tó tà á fún mi pè é.

Ìyá Ẹniọlá
Abẹ̀ní ọmọ mi, wọ́n ti gbé àyédèrú tà fún ẹ. Àdìrẹ gidi, bí iwájú ṣe rí ni ẹ̀yìn ń rí. Èyí tí bátànì rẹ̀ ò bá yọ sẹ́yìn, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Dá a padà fún wọn kíákíá.

Ọmọ_Aláró
Ìyá Ẹniọlá, ẹ kú àmójútó mà. Òótọ́ lẹ sọ nípa oníko àti alábẹ́rẹ́, nítorí okùn tàbí òwú tí wọ́n fi dì í dé inú aṣọ tinú tẹ̀yìn. Alábẹ́là náà máa ń rí bẹ́ẹ̀, torí àbẹ́là gbígbóná ń wọ inú aṣọ já sí òdìkejì. Ẹlẹ́kọ ló yàtọ̀. Ẹ̀kọ láfún ni wọ́n ń fi ìyẹ́ adìẹ kọ sójú aṣọ, tàbí kí wọ́n fi páànù tí wọ́n ti gé bátànì sí tẹ̀ ẹ́, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń kùn. Bí aṣọ náà bá dénú ìkòkò aró, ẹ̀yìn tí ẹ̀kọ kò sí ló ń mu aró jù. Bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ̀kọ kúrò, iwájú á ní bátànì, ẹ̀yìn á dúdú.

Ti ẹ̀rọ, ìdàkejì ni. Ojú ibi tí wọ́n tẹ̀ ló ń mú àwọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á rẹ̀ sílẹ̀, nígbà mìíràn á fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Nítorí náà, ẹ̀yìn tó dúdú ju iwájú lọ ń gbè ẹ́, Abẹ̀ní. Ẹlẹ́kọ ni wọ́n tà fún yín.

Ohun tó yẹ kó kúrò nínú àkọsílẹ̀ yín ni "funfun". Ẹ̀kọ kì í dí aró pátápátá. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ri aṣọ bọ ìkòkò, aró díẹ̀ ń yọ́ wọlé lábẹ́ ẹ̀kọ, ìyẹn ló sì sọ ibẹ̀ di aró fẹ́ẹ́rẹ́. Bí oníbàárà bá ka "funfun", tó sì rí aró fẹ́ẹ́rẹ́, á ní àwọ̀ ló ti ràn mọ́ ọn, á sì béèrè owó rẹ̀ padà. Ẹ wo àwọn ilà náà pẹ̀lú. Bí igun mẹ́rin kan bá jọra délẹ̀délẹ̀ pẹ̀lú òmíràn, páànù ni. Bí ilà kan bá nípọn tí èkejì tín-ín-rín, ìyẹ́ ni. Ẹ kọ èyí tó bá jẹ́, kò sí ìtìjú nínú páànù.

Télọ̀_Mọ́kọ́lá
Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn tó dúdú yẹn kan gígé gan-an o. Ẹ má ran ẹlẹ́kọ sí sítáì tó ń ṣí ẹ̀yìn aṣọ síta: kọ́là tó ń ṣẹ́ padà, gáùn tí iwájú rẹ̀ ń bo ara wọn tó sì ń ṣí bí èèyàn bá ń rìn, apá tí wọ́n ń ká sókè. Ẹ̀yìn dúdú yẹn ni yóò máa yọ, ẹni tó rà á á sì rò pé aṣọ mìíràn lẹ fi pa á. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ kó yọ ni, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀.

Sítáì wo lẹ rán, Àǹtí Abẹ̀ní? "Ó gùn kọjá orókùn" kò sọ nǹkan kan fún èmi tí mo jẹ́ télọ̀, mélòó mélòó ni ti oníbàárà.

Abẹ̀ní_Aṣọ
Kò ní ojú rírán níbi ìbàdí. Ó kàn fẹ̀ láti abẹ́ apá lọ sí ìsàlẹ̀ ni. Ọrùn róbótó, apá dé ìgúnpá, àpò wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, síìpù wà lẹ́yìn. Kò ní láínìn. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 44 ínṣì láti èjìká.

Télọ̀_Mọ́kọ́lá
Sítáì tó bá Ìbàdàn dùn mu ni, torí ojú rírán níbi ìbàdí á gé igun mẹ́rin sí méjì. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ gáùn tó ń fẹ̀ kì í tọ́, nítorí náà àwọn igun mẹ́rin á máa dagun níbi tí iwájú àti ẹ̀yìn ti pàdé. Kò sí télọ̀ tó lè mú ẹ̀gbẹ́ bá ara mu látòkè délẹ̀. Ibi méjì tó gbọ́dọ̀ tọ́ ni àárín iwájú àti ìṣẹ́tí. Bí ìṣẹ́tí kò bá tẹ̀ lé ẹsẹ̀ igun mẹ́rin kan, gáùn náà á dà bí ẹni pé apá kan gùn ju èkejì lọ, bí ẹ bá tilẹ̀ fi tépù wọ̀n ọ́ tó pé. Èyí náà ló ń jẹ aṣọ. Gáùn yìí yẹ kó gba bíi yáàdì mẹ́ta lára aṣọ tó fẹ̀ tó 45 ínṣì, títò bátànì á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdajì yáàdì kún un. Nínú yáàdì márùn-ún tí wọ́n ń tà, gáùn kan lẹ ó rí, pẹ̀lú ohun tó tó gèlè.

Torí náà, ẹ sọ fún wọn pé gáùn kọ̀ọ̀kan kì í jọ èkejì pátápátá. Ibi tí igun mẹ́rin bọ́ sí láyà ẹni tó wà nínú fọ́tò lè má jẹ́ ibi tó máa bọ́ sí lára tiwọn.

Nípa sáìsì, ẹ má fi 8 sí 18 sílẹ̀ lásán. 12 ti Lọ́ńdọ̀nù ni 8 ti Amẹ́ríkà, oníbàárà yín méjèèjì á sì ra èyí tí kò bá wọn mu. Ìwọ̀n gáùn fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ, kí ẹ tún kọ ìwọ̀n ara tó bá a mu. Bí àpẹẹrẹ, bí àyà gáùn 12 yín bá jẹ́ 40 ínṣì, ẹ kọ pé ó wà fún ẹni tí àyà rẹ̀ jẹ́ 36 sí 37. Aṣọ yìí kì í fà, ó nílò àyè ínṣì mẹ́ta ó kéré tán, àgàgà níbi apá.

Gígùn náà ńkọ́? 44 ínṣì yẹn á dé agbede-méjì ojúgun, tàbí kó lọ sílẹ̀ díẹ̀ sí i, lára ẹni tó ga ní ẹsẹ̀ márùn-ún àti ínṣì mẹ́rin. Lára ẹni ẹsẹ̀ márùn-ún péré, ó ń súnmọ́ kókósẹ̀ nìyẹn. Ẹ kọ gíga ẹni tó wọ̀ ọ́ nínú fọ́tò.

Dúpẹ́_Pẹ́kámù
Ẹ kú ìjókòó o. Èmi ní gáùn Kàm̀pálà kan tí mo jù sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ pẹ̀lú omi gbígbóná, ó sì ti ṣí ní àmì-àmì lẹ́yìn. Ṣé aró yìí ṣe é fi kùn ún padà? Kí ni mo máa rà?

Ọmọ_Aláró
Dúpẹ́, ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ ọjà là ń sọ níbí o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín wúlò. Àmì-àmì tí ẹ rí yẹn, ọṣẹ oníyẹ̀fun tó ní bílíìṣì nínú ló jọ. Ó bọ́ lé aṣọ kó tó yòrò. Aró kò lè pa àmì náà rẹ́, torí yóò tún kun gbogbo àwọ̀ tó kù. Ẹ gbé e fún aláró, ẹ ní kó rẹ gbogbo rẹ̀ dúdú.

Abẹ̀ní, ẹ rí i? Oníbàárà yín ní òkè òkun ní ẹ̀rọ, wọ́n sì ní ọṣẹ oníbílíìṣì. "Ẹ fọ̀ ọ́ bí ẹ ṣe ń fọ aṣọ yòókù" ló máa kó bá yín jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ. "Kì í ṣí láéláé" ló tẹ̀ lé e.

Ìyá Ẹniọlá
Ohun tí kì í jẹ́ kó ṣí ni iyọ̀ àti fínígà. Kí wọ́n bu iyọ̀ síbí méjì àti fínígà ìdajì ife sínú omi, kí wọ́n fi aṣọ sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Aró ò ní yọ mọ́ láé.

Ọmọ_Aláró
Mà, ẹ má bínú, ẹ má jẹ́ kí ó kọ ìyẹn síbẹ̀. Fínígà ní iṣẹ́ tó ń ṣe fún aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú aró: ó ń pa agbára sódà tó ṣẹ́ kù lára rẹ̀, aṣọ á sì rọ̀. Ṣùgbọ́n kò mú aró dúró, iyọ̀ náà kò sì mú un dúró. Aró tó ti gbẹ kì í yòrò nínú omi. Nínú ìkòkò nìkan ló ti ń yòrò. Bí wọ́n bá fa aṣọ jáde, àwọ̀ ewé ló ń ní, atẹ́gùn ló sì ń sọ ọ́ di aró lójú wa. Láti ìgbà yẹn, ó ti di ìyẹ̀fun kéékèèké tó há sáàárín òwú. Èyí tó há dáadáa kò lọ síbì kankan. Èyí tó kàn lẹ̀ mọ́ ojú aṣọ ló ń ràn mọ́ ara, mọ́ báàgì funfun, mọ́ àga. Fífi omi tútù ṣàn án kúrò ni oògùn rẹ̀.

Kí aṣọ sì sùn sínú omi ló burú jù fún ẹlẹ́kọ. Aró tó bọ́ á tún wá jókòó sórí ibi tó mọ́lẹ̀, bátànì kò ní hàn dáadáa mọ́. Aṣọ tútù tí wọ́n ká jọ sínú bàkéètì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà.

Télọ̀_Mọ́kọ́lá
Ọ̀gá Ọmọ Aláró, báwo ni yóò ṣe mọ̀ bóyá èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti mọ́?

Ọmọ_Aláró
Kó mú áńkáṣíìfù funfun, kó fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn aṣọ níbi tó dúdú jù, kó nù ún lọ bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kó tún fi ibòmíràn lára áńkáṣíìfù ṣe é, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ fi omi tútù díẹ̀ sí i. Bí gbígbẹ bá ní aró fẹ́ẹ́rẹ́, tí tútù sì fi díẹ̀ jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ ni aró ń rí. Bí gbígbẹ bá dúdú, kó má tíì tà á. Kó fi ọṣẹ olómi díẹ̀ fọ̀ ọ́ nínú omi tútù, kó ṣàn án títí omi yóò fi mọ́, kó sá a síbòòji, kó tún un nù. Bó bá tún dúdú lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀bi ìrẹ̀ ni: wọ́n ri aṣọ bọ inú aró tó nípọn lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì dípò kí wọ́n máa rì í díẹ̀díẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, kí wọ́n sì máa fẹ́ ẹ sí atẹ́gùn láàárín. Irú èyí kò ní yé ràn.

Kí ó fọ yáàdì tó kù kí télọ̀ tó gé e. Ìdí mìíràn nìyí: ẹ̀kọ tí wọ́n kò gbẹ́ tán ń pe kòkòrò àti èébu bí aṣọ bá pẹ́ nínú ọ̀rá.

Télọ̀_Mọ́kọ́lá
Òwú náà á sì sún kì kó tó di gáùn. Èyí tí wọn kò fọ̀ kí wọ́n tó gé, bó bá bọ́ sínú omi gbígbóná, 44 ínṣì yẹn lè di 42. Àǹtí Abẹ̀ní, ẹ tún ìwọ̀n gbogbo èyí tí ẹ ti rán mú lẹ́yìn tí ẹ bá fọ̀ wọ́n.

"Òwú gidi" náà, ẹ dán an wò. Ẹ fa fọ́nrán díẹ̀ láti etí aṣọ, ẹ fi iná sí i. Òwú ń jó bíi bébà, eérú rẹ̀ rọ̀. Bó bá ń yọ́ tó sì di kókó dúdú líle, pọlíẹ́sítà wà nínú rẹ̀. Aró kì í mú pọlíẹ́sítà, nítorí náà àwọ̀ aṣọ àdàlù máa ń rẹ̀ sílẹ̀, fọ́nrán funfun kéékèèké á sì máa tàn lójú rẹ̀.

Ẹlẹ́rù_Òkè_Òkun
Ẹ má fi èyí ṣeré o, torí òfin wà níbẹ̀. Ní Ìlú Ọba, aṣọ tí ẹ bá ń tà gbọ́dọ̀ sọ irú òwú tó wà nínú rẹ̀ àti ìdá rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Amẹ́ríkà, léébẹ́lì inú aṣọ gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe é, ẹni tó ṣe é tàbí tó kó o wọlé, àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ohun tó wà lára léébẹ́lì àti ohun tó wà lórí ṣọ́ọ̀bù yín kò gbọ́dọ̀ takora.

Abẹ̀ní_Aṣọ
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti jó fọ́nrán, eérú ni. Mo ti nu ẹ̀yìn aṣọ, ó ràn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò dúdú. Ọ̀kan ló kù: ẹni tó tà á ní elu ni wọ́n fi rẹ̀ ẹ́. Ṣé kí n kọ "elu"?

Ọmọ_Aláró
Ṣé ẹni tó tà á ló rẹ̀ ẹ́? Aró elu ni wọ́n ń gún ewé rẹ̀, tí wọ́n ń sá a, tí wọ́n wá ń pò ó mọ́ omi eérú nínú ìkòkò fún ọjọ́ mélòó kan. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà ni aró oníyẹ̀fun tí wọ́n ń fi sódà àti háídírọ́ọ̀sì tú. Aró inú méjèèjì kì í yàtọ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè fi ojú lásán yà wọ́n. Ẹ lọ rí ìkòkò náà, tàbí kí ẹ kọ "aró" nìkan.

Àwọn búlúù oníyẹ̀fun kan tún wà tí kì í ṣe aró rárá, àwọn tí wọ́n ń lò fún Kàm̀pálà. Àwọn yẹn kì í sábà ràn. Tiyín ràn díẹ̀, ó dára bẹ́ẹ̀.

Télọ̀_Mọ́kọ́lá
Èmi ò gbà pé ìràn nìkan tó láti fi mọ̀ ọ́n o. Mo ti gé aró tí wọ́n ṣàn dáadáa tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ràn rárá, búlúù tí wọ́n rẹ̀ tí kò jiná náà sì ń ràn.

Ọmọ_Aláró
Òótọ́ ni. Ìràn ń tọ́ka ni, kì í jẹ́rìí.

Ìyá Ẹniọlá
Kọ elu, ọmọ mi. Ohun tí àwọn oníbàárà òkè òkun fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Ta ló máa lọ yẹ ìkòkò wò?

Ẹlẹ́rù_Òkè_Òkun
Mà, ẹni tó bá sanwó elu ló máa béèrè. Abẹ̀ní, ẹ wo èyí, mo kó gbogbo rẹ̀ jọ:

"Gáùn mídì àdìrẹ ẹlẹ́kọ, bátànì Ìbàdàn dùn. Ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi kọ bátànì sójú kan aṣọ kí wọ́n tó rẹ̀ ẹ́ láró, nítorí náà iwájú ní aró dúdú àti aró fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀yìn aṣọ sì dúdú. Bátànì gáùn kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ díẹ̀ sí ti fọ́tò.

Òwú 100 nínú 100, kì í fà. Kò ní láínìn. Ọrùn róbótó, apá dé ìgúnpá, àpò méjì, síìpù lẹ́yìn, kò ní ojú rírán níbi ìbàdí. Gígùn láti èjìká: 44 ínṣì. Sáìsì 12 ti Ìlú Ọba, tó jẹ́ 8 ti Amẹ́ríkà: àyà gáùn 40 ínṣì, fún àyà 36 sí 37. A ti fọ̀ ọ́ kí a tó wọ̀n ọ́.

Aró máa ń ràn díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ẹ má wọ̀ ọ́ pẹ̀lú báàgì tàbí aṣọ funfun kí ẹ tó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Òun nìkan ni kí ẹ fọ̀, pẹ̀lú ọwọ́, nínú omi tútù àti ọṣẹ olómi tí kò ní bílíìṣì. Ẹ má fi í sùn sínú omi. Ẹ yí i padà, ẹ sá a síbòòji, ẹ lọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn. Yóò máa mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ṣe ń lọ."

Ọmọ_Aláró
Ó dáa. Ẹ fi bóyá ìyẹ́ ni tàbí páànù kún un, kí ẹ sì ya fọ́tò ẹ̀yìn aṣọ sí i. Abẹ́ ìbòòji ni kí ẹ ti yà á, torí oòrùn ọ̀sán ń sọ aró fẹ́ẹ́rẹ́ di funfun nínú fọ́tò.

Dúpẹ́_Pẹ́kámù
Mo ti fẹ́ rà á báyìí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ márùn-ún àti ínṣì kan ni mo ga. Ṣé ẹ lè gé e kù sí 41?

Télọ̀_Mọ́kọ́lá
Àǹtí Abẹ̀ní, ẹ má ṣèlérí ínṣì mẹ́ta o. Ẹsẹ̀ igun mẹ́rin ni ìṣẹ́tí gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Ẹ wọn igun mẹ́rin kan ná: bó bá jẹ́ ínṣì mẹ́rin, 40 ni gáùn náà máa di, kì í ṣe 41. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó fẹ́ 40 tàbí kó wọ 44.